Ìdá 25 nínú kí ni? Bí a ṣe ń kọ lẹ́tà tó ń bá kotéṣọ̀n lọ kí ọ̀rọ̀ owó má baà lọ́jú pọ̀

Oníṣẹ́ sólà ni mí n'Ìbàdàn. Lọ́dún tó kọjá, màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní kí n wá fi ìnfátà sí ilé àwọn. Mo lọ wo ilé, mo ka gílóòbù, mo wo òrùlé, mo sì kọ kotéṣọ̀n. Mo wá kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣáájú rẹ̀ lórí Wásáàpù kí n tó fi fáìlì náà ránṣẹ́. Gbólóhùn kan péré ló sọ̀rọ̀ owó nínú rẹ̀:

"Ẹ ó san ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìdá 25 nígbà tí ẹrù bá dé, ìyókù nígbà tí iṣẹ́ bá parí."

Lójú tèmi, kò sí ohun tó ṣókùnkùn níbẹ̀. Màmá san owó àkọ́kọ́ láìjanpata. Ọjọ́ tí mo gbé bátìrì àti ìnfátà dé ọ̀dọ̀ wọn, ₦1,200,000 ni mò ń retí. ₦420,000 ni wọ́n fi ránṣẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé àṣìtẹ̀ ni. Nígbà tí mo pè wọ́n, wọ́n ní, "Ìwọ lo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì." Wọn ò rẹ́ mi jẹ. Ohun tí mo kọ ni wọ́n kà, ó kàn jẹ́ pé ohun tí mo kọ kọ́ ni mo ní lọ́kàn.

Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń kọ irú gbólóhùn yìí lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ oníbàárà ló sì ń kà á láì mọ̀ pé ọ̀nà méjì ló ṣeé gbà kà á.

Kí ni kotéṣọ̀n, kí sì ni lẹ́tà tó ń ṣáájú rẹ̀?

Kotéṣọ̀n ni ìwé tí oníṣẹ́ fi ń sọ iye tí iṣẹ́ máa ná oníbàárà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọjà ọ̀kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú iye rẹ̀, owó iṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀, àpapọ̀ wà nísàlẹ̀. Kì í ṣe rìsíìtì, nítorí pé ẹnikẹ́ni ò tíì sanwó.

Lẹ́tà ìṣáájú, bí mo ṣe máa pè é níbí, ni ọ̀rọ̀ kúkurú tí a kọ síwájú kotéṣọ̀n náà. Ó lè jẹ́ ìwé tí a tẹ̀, ó lè jẹ́ ímeèlì, ṣùgbọ́n ní tiwa níbí, orí Wásáàpù ló sábà máa ń wà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sọ bí a ó ṣe san àpapọ̀ owó yẹn: ẹ̀ẹ̀melòó, èló lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àti ohun tó gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí èyí tó kàn tó tó san. Ohun tó gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀ yẹn ni mò ń pè ní ìpele ìsanwó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan tí àwa oníṣẹ́ kì í fẹ́ gbọ́. Púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà kì í ṣí fáìlì. Lẹ́tà yẹn nìkan ni wọ́n ń kà, wọ́n á wo àpapọ̀ owó, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ wọn tó wà ní Lọndọn tó máa sanwó. Bí lẹ́tà náà bá ṣe sọ ọ́ ni iṣẹ́ máa ṣe rí.

Ìdá 25 nínú kí ni?

Ibí ni mo ti ṣubú. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún kì í dá dúró, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdá nǹkan kan. Ẹ fojú inú wo búrẹ́dì kan tí a gé sí ogún. Àpapọ̀ owó màmá jẹ́ ₦4,800,000, búrẹ́dì odindi sì nìyẹn. Ìdá 65 jẹ́ gígé mẹ́tàlá. Ìdá 25 jẹ́ gígé márùn-ún. Ìdá 10 tó kù jẹ́ gígé méjì. Mẹ́tàlá, márùn-ún, méjì: ogún pé.

Ohun tí màmá ṣe rèé. Wọ́n ti fún mi ní gígé mẹ́tàlá, ìyẹn ₦3,120,000. Gígé méje, ìyẹn ₦1,680,000, ló ṣẹ́kù lórí tábìlì. Nígbà tí wọ́n wá kà pé ìdá 25 ló kàn, búrẹ́dì tó wà níwájú wọn ni wọ́n pín, wọn ò pín èyí tó wà níbẹ̀rẹ̀. Ìdá 25 nínú ₦1,680,000 jẹ́ ₦420,000. Àròpọ̀ wọn péye. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín tiwọn àti tèmi jẹ́ ₦780,000.

Ẹni kan lè sọ pé kí ló burú, ṣebí màmá ṣì máa san gbogbo ìyókù nígbẹ̀yìn. Òótọ́ ni, kọ́bọ̀ kan kò ní sọnù. Ṣùgbọ́n owó kejì yẹn ni mo fẹ́ fi ra páńẹ́lì, páńẹ́lì mẹ́wàá tí mo sì ti bá oníṣọ́ọ̀bù sọ jẹ́ ₦1,100,000. ₦420,000 kò lè rà á. Bátìrì àti ìnfátà jókòó sí pálọ̀ màmá fún ọjọ́ mọ́kànlá kí a tó yanjú rẹ̀, ọmọ wọn sì ti ń béèrè bóyá mo ti fi owó wọn ṣe nǹkan mìíràn.

Ohun méjì ló ń wo àrùn yìí sàn. Àkọ́kọ́, ẹ kọ iye náírà sí ẹ̀gbẹ́ ìdá kọ̀ọ̀kan, kí náírà ṣáájú, kí ìdá tẹ̀lé e, nítorí náírà ni oníbàárà máa tẹ̀ sórí fóònù rẹ̀. Ìkejì, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lókè pé inú àpapọ̀ ni ẹ ti yọ gbogbo ìdá náà. Ọ̀rọ̀ bíi "ìyókù" tàbí "bálánsì" kò gbọ́dọ̀ dá dúró láìní iye tirẹ̀. Mo mọ àwọn tó ń kọ ìdá nìkan torí kí lẹ́tà lè dà bíi ti ilé iṣẹ́ ńlá. Mi ò rí èrè rẹ̀ rí.

Ṣé owó orí ọjà wà nínú rẹ̀?

Kì í ṣe gbogbo oníṣẹ́ kékeré ni òfin ní kó máa gba owó orí ọjà, èyí tí a ń pè ní fáàtì, fún ìjọba. Bí tiyín kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ fo apá yìí.

Fún àwọn tó ń gbà á, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ní Nàìjíríà láti ọdún 2020. Ẹ jẹ́ ká mú oníṣẹ́ wíńdò alumíníọ́mù tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ₦2,000,000. Fáàtì rẹ̀ jẹ́ ₦150,000, gbogbo rẹ̀ wá di ₦2,150,000. Bó bá kọ "ìdá 65 ṣáájú", ṣé ₦1,300,000 ni àbí ₦1,397,500? Àwọn méjèèjì ló ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ohun tó rọrùn jù ni kí lẹ́tà lo àpapọ̀ tó ní fáàtì nínú tán, kí ó sì sọ bẹ́ẹ̀: "₦2,150,000, fáàtì ti wà nínú rẹ̀."

"Nígbà tí ẹrù bá dé": dé ibo?

Bí iye bá ti yé, ìgbà ló kù, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún gbólóhùn mi àtijọ́ wò. "Nígbà tí ẹrù bá dé." Ẹrù lè dé ṣọ́ọ̀bù mi. Ó lè dé gáréèjì láti Èkó. Ó lè dé ilé màmá. Ẹrù wo pàápàá? Bátìrì nìkan, àbí gbogbo ohun tó wà nínú kotéṣọ̀n títí dórí ìṣó?

"Nígbà tí iṣẹ́ bá parí" tiẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú oníṣẹ́, iṣẹ́ ti parí nígbà tí iná bá tàn. Lójú onílé, kò tíì parí títí a ó fi dí ihò tí a lu sára ògiri, tí a ó sì kun ún. Bàbá kan tí mo bá ṣiṣẹ́ sọ fún mi pé àwọn fẹ́ lò ó fún oṣù kan ná kí àwọn tó gbà pé ó parí. Mi ò lè bá wọn jà, nítorí mi ò tíì sọ ohun tí "parí" jẹ́.

Ìpele ìsanwó tó dára jẹ́ ohun tí ẹni méjì tí kò fẹ́ràn ara wọn lè dúró tì, kí wọ́n sì jọ gbà pé ó ti ṣẹlẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ṣeé fojú rí, kó ṣẹlẹ̀ níbi kan pàtó, kó sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Bátìrì àti ìnfátà méjèèjì nínú ilé yín, tí orúkọ àti agbára tó wà lára wọn bá ti kotéṣọ̀n mu: ìyẹn ṣeé rí. Fún ìparí, ohun tí mo ń kọ nísinsìnyí ni pé a máa pa iná NẸ́PÀ lójú onílé, kí fíríìjì, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n máa ṣiṣẹ́ láti ara bátìrì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá pé, ìpele ti pé. Ihò ara ògiri, mo máa ń sọ ọ́ lọ́tọ̀ pé èmi ni mo máa dí i, ṣùgbọ́n ọ̀dà kò sí nínú iṣẹ́ mi.

Ó ku ohun kan tí mi ò ronú sí títí ó fi ṣẹlẹ̀ sí mi. Kí ni a ó ṣe bí ìpele kò bá lè dé, tí kì í sì í ṣe ẹ̀bi oníṣẹ́? Ní ilé kan, ọjọ́ tí a fẹ́ gun òrùlé ni káfíńtà sọ fún onílé pé igi abẹ́ páànù ti jẹrà. Ó gba oṣù méjì kí wọ́n tó tún un ṣe. Gbogbo ẹrù mi wà nílé wọn, owó tó kẹ́yìn sì so mọ́ iná tó máa tàn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìlà kan kún lẹ́tà fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ó rí i níwájú.

Ta ló ní kó jẹ́ 65, 25 àti 10?

Oníbàárà tó bá rí ìdá 65 máa ń bẹ̀rù, kò sì jẹ̀bi. Gbogbo wa la mọ ẹni tó san owó ṣáájú tí oníṣẹ́ sì di àwátì. Lẹ́tà lè dín ìbẹ̀rù náà kù bó bá fi ibi tí owó ń lọ hàn. Iṣẹ́ màmá rèé: bátìrì ₦2,100,000, ìnfátà ₦850,000, páńẹ́lì mẹ́wàá ₦1,100,000, irin òrùlé, wáyà àti bíréékà ₦400,000, iṣẹ́ ọwọ́ ₦350,000.

Bátìrì àti ìnfátà jọ jẹ́ ₦2,950,000. Owó àkọ́kọ́, ₦3,120,000, rà wọ́n, ó sì ku ₦170,000. Bí owó kejì, ₦1,200,000, bá kún un, ó di ₦1,370,000, tí mo fi máa ra páńẹ́lì àti wáyà tó jẹ́ ₦1,500,000. Mo máa fi ₦130,000 kún un láti àpò ara mi. ₦130,000 yẹn àti iṣẹ́ ọwọ́ mi ₦350,000 ló di ₦480,000, ìyẹn owó kẹta. Ìdá 10 yẹn kì í ṣe ohun tí mo ṣàdéédéé sọ. Owó tèmi ni, òógùn mi wà níbẹ̀, ó sì wà lọ́wọ́ oníbàárà títí iná fi máa tàn.

Mi ò ní kí ẹ kó gbogbo ìṣirò yìí sínú lẹ́tà. Gbólóhùn kan tó: "Owó kìíní ni mo fi ń ra bátìrì àti ìnfátà." Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìṣirò náà fún ara yín kí ẹ tó kọ ìdá kankan. Ẹni tó kàn fi 50 àti 50 síbẹ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ ṣe máa ń kọ ọ́ máa rí ₦2,400,000 gbà nínú irú iṣẹ́ yìí. Ó lè fi ra bátìrì, àmọ́ kò ní rí ìnfátà rà.

Báwo ni lẹ́tà náà ṣe rí lẹ́yìn tí mo tún un kọ?

Bí mo bá ní àǹfààní láti padà sí ọjọ́ yẹn, ohun tí ǹ bá fi ránṣẹ́ sí màmá rèé:

"Màmá wa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Kotéṣọ̀n sólà ilé yín ló wà nísàlẹ̀ yìí.

Gbogbo owó rẹ̀ jẹ́ ₦4,800,000. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ó san án. Inú ₦4,800,000 ni mo ti yọ gbogbo ìdá tó wà nísàlẹ̀ yìí, kì í ṣe inú owó tó bá ṣẹ́kù.

Owó kìíní: ₦3,120,000, ìdá 65. Ẹ ó san án kí n tó ra ọjà. Òun ni mo fi ń ra bátìrì àti ìnfátà.

Owó kejì: ₦1,200,000, ìdá 25. Ẹ ó san án lọ́jọ́ tí bátìrì àti ìnfátà bá wà nínú ilé yín, tí ẹ sì ti rí i pé orúkọ àti agbára tó wà lára wọn bá kotéṣọ̀n mu.

Owó kẹta: ₦480,000, ìdá 10. Ẹ ó san án lọ́jọ́ tí a bá pa iná NẸ́PÀ lójú yín, tí fíríìjì, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n sì ṣiṣẹ́ láti ara bátìrì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Bí gbogbo ẹrù bá ti dé ilé yín, tí nǹkan kan nínú ilé kò sì jẹ́ ká lè gun òrùlé fún ọjọ́ 14, ẹ ó san ₦130,000 nínú owó kẹta. ₦350,000 tó jẹ́ owó iṣẹ́ ọwọ́ máa dúró di ọjọ́ tí iná bá tàn.

Iye yìí dúró fún ọjọ́ 7 láti òní. Bí owó kìíní bá ti wọ àkáǹtì wa kí ọjọ́ 7 tó pé, kò ní yí padà mọ́ bí ọjà bá tiẹ̀ gbówó lórí."

Ẹ wò ó pé ìlà kọ̀ọ̀kan dá dúró. Mo ti gbìyànjú láti fi tábìlì ṣe é rí, ṣùgbọ́n lórí fóònù kékeré ṣe ni àwọn nọ́ńbà ń gorí ara wọn, owó kejì á wá dà bíi ti ẹ̀kẹta. Ìlà ọjọ́ 7 wà níbẹ̀ nítorí dọ́là: òkè òkun ni bátìrì àti páńẹ́lì ti ń wá, oníṣọ́ọ̀bù tó fún mi ní iye lónìí kò ní dúró dè mí di oṣù tó ń bọ̀. Mo sì kọ "wọ àkáǹtì wa" torí pé àwòrán àlẹ́ẹ̀tì tí a ya lórí fóònù kì í ṣe owó.

Ní ti ọjọ́ 14 ti òrùlé, mo mọ̀ pé àwọn oníṣẹ́ kan máa ń béèrè gbogbo owó tó kù nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tí kò tíì rí iṣẹ́ kò yẹ kó san owó iṣẹ́, owó ọjà tí mo ti ná nìkan ni mo lẹ́nu láti béèrè.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ dín owó kù ńkọ́?

Wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀. Ká ní màmá bẹ̀ mí pé kí n yọ ₦200,000, mo sì gbà, gbogbo rẹ̀ di ₦4,600,000. Bí mo bá kàn fi ohùn sọ ọ́ lórí fóònù, lẹ́tà àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ₦3,120,000 nínú rẹ̀. Ṣé inú owó ìgbẹ̀yìn ni màá ti yọ ₦200,000 náà ni, àbí kí n pín in káàkiri? Ẹ tún gbogbo lẹ́tà kọ: ₦2,990,000, ₦1,150,000, ₦460,000. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ wò ó bóyá owó kìíní ṣì ra ohun tó yẹ kó rà. Tèmi ṣì rà á, àmọ́ ₦40,000 péré ló lé. Ká ní ₦300,000 ni mo yọ ni, ìdá 65 á di ₦2,925,000, kò sì ní ra bátìrì àti ìnfátà mọ́, màá ní láti gbé ìdá náà sókè.

Ẹ kọ ọ́ sórí lẹ́tà tuntun pé òun ló rọ́pò ti ọjọ́ báyìí-báyìí. Kí fáìlì kotéṣọ̀n fúnra rẹ̀ sì yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Bí lẹ́tà bá sọ ₦4,600,000 tí fáìlì sì sọ ₦4,800,000, ẹ ti dá ìjà tuntun sílẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti yé wọn?

"Ṣé ó yé yín?" kò wúlò, nítorí kò sí àgbàlagbà tó máa sọ fún ọmọ kékeré pé kò yé òun. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń pe oníbàárà lọ́jọ́ kejì, màá kí wọn, màá wá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èló lẹ máa ní lọ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ tí bátìrì bá dé?" Bí wọ́n bá sọ iye náà tààrà, lẹ́tà ti ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ní kí n dúró kí wọ́n ṣírò rẹ̀, èmi ni mo ní iṣẹ́ láti tún ṣe.

Lóṣù tó kọjá, mo béèrè ìbéèrè yìí lọ́wọ́ bàbá kan ní Mọ́níyà. Wọ́n dá mi lóhùn pé ₦1,200,000 ni, wọ́n wá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n bí bátìrì bá dé lọ́jọ́ Ajé, tí ìnfátà ò sì dé títí di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ wo ni mo ń sanwó?" Mi ò ronú kan ìyẹn rí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì fi ọ̀rọ̀ kan kún ìlà owó kejì kí n tó tún fi ránṣẹ́: bátìrì àti ìnfátà *méjèèjì*.